MTN Nàìjíríà ní 2023: bí a ṣe ń fi SWOT dé orí àbá tó nídìí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ okòwò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe. Wọ́n ní ká fi SWOT, ìyẹn agbára, ìkùdíẹ̀-káàtó, àǹfààní àti ewu, tú ọ̀rọ̀ MTN Nàìjíríà palẹ̀. Mo pín ìwé sí mẹ́rin, mo kọ kókó mẹ́jọ mẹ́jọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ àbá mẹ́wàá sí ìparí. Olùkọ́ mi kọ ọ́ sí i pé mo kàn to ọ̀rọ̀ jọ ni, pé àbá mi kò jáde látinú ohun tí mo tò. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, báwo ni kí n ṣe tún un ṣe?

Ìdáhùn:

Àṣìṣe yín ti wà kí ẹ tó fa ìlà àpótí mẹ́rin yẹn. Ẹ kò kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí ìtúpalẹ̀ náà dáhùn. "Ẹ tú MTN palẹ̀" kì í ṣe ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní ohun rere púpọ̀, ó sì ní ìṣòro púpọ̀, ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá yóò kàn máa ṣà wọ́n jọ títí ìwé yóò fi kún. Nítorí náà, gbólóhùn kan ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sókè ìwé, kí ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí a ó lò níbí ni pé: ní oṣù kẹta 2024, kí ló yẹ kí ìgbìmọ̀ olùdarí MTN Nàìjíríà ṣe kí irú àdánù tó bá wọn ní 2023 má baà di àṣà?

Ẹ má fojú kékeré wo ọjọ́ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí kankan, nítorí ẹni tó jókòó sí yàrá ìpàdé nígbà náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da ìròyìn 2015, ti 2019 àti ti 2025 pọ̀ sójú kan, agbára ọdún kan á wá máa bá ewu ọdún mìíràn jà lórí ìwé. Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ ka ìwé ìṣirò kí ẹ tó kọ kókó kankan

Ní 2023, owó tó wọlé fún MTN Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.47 náírà. Ní 2022, nǹkan bíi tírílíọ̀nù 2.01 ni. Ọjà tà, ó sì tà dáadáa. Oníbàárà wọn ti sún mọ́ mílíọ̀nù 80 nígbà tí ọdún yẹn parí. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí, àdánù bílíọ̀nù 137 náírà ni wọ́n kéde, nígbà tó jẹ́ pé èrè wọn lé ní bílíọ̀nù 300 ní ọdún tó ṣáájú.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé iye owó tí wọ́n ń ná ti pọ̀ jù, tàbí pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìṣirò náà ló gbé èrè mì: àdánù tó wá látinú pàṣípààrọ̀ owó, nǹkan bíi bílíọ̀nù 740 náírà. Bí ẹ bá mú ìlà yẹn kúrò, èrè tí yóò wà kí wọ́n tó yọ owó orí yóò lé ní bílíọ̀nù 500. Ohun tí ìtúpalẹ̀ yín ní láti ṣàlàyé nìyẹn, kókó yòówù tí kò bá kàn án jẹ́ àfikún lásán.

Ibo ni bílíọ̀nù 740 ti wá? MTN Nàìjíríà kò ni èyí tó pọ̀ jù nínú òpó másìtì tó ń lò. Ní 2014, ó gbé òpó tó lé ní 9,000 fún ilé-iṣẹ́ IHS, ó sì ń háyà wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń háyà lọ́wọ́ ATC, ilé-iṣẹ́ òpó mìíràn, náà. Náírà ni MTN ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, àmọ́ apá kan owó háyà òpó ni wọ́n fi dọ́là ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ nínú àdéhùn. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun náà, dọ́là ni. Láti 2019 ni ìlànà ìṣirò IFRS 16 sì ti ní kí ilé-iṣẹ́ kọ háyà ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀ bíi gbèsè, kí wọ́n má kàn máa kọ ọ́ bí ìnáwó oṣooṣù. Nítorí náà, nígbàkigbà tí náírà bá já wálẹ̀, wọ́n ní láti tún gbogbo gbèsè tó so mọ́ dọ́là kà ní iye tuntun.

Ẹ jẹ́ ká fi mílíọ̀nù kan dọ́là ṣe àpẹẹrẹ. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú ìdè pàṣípààrọ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan. Gbèsè náà jẹ́ mílíọ̀nù 460 náírà nìyẹn. Nígbà tí ọdún fi máa parí, dọ́là ti di nǹkan bíi 907 náírà, gbèsè yẹn kan náà sì di mílíọ̀nù 907. Mílíọ̀nù 447 tó fi lé ni wọ́n ní láti kọ sílẹ̀ bí àdánù. Kò sí oníbàárà kan tó sá lọ, kò sì sí ẹ̀rọ tuntun kankan tó wọlé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jáde ní báńkì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó àwọn onípìn-ín. Ní òpin 2023, gbèsè MTN Nàìjíríà ti ju ohun ìní rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 41 náírà.

Ohun tó wà nínú ilé àti ohun tó wà ní ìta

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé SWOT ti ń bàjẹ́. Agbára àti ìkùdíẹ̀-káàtó jẹ́ ohun tó wà nínú ilé-iṣẹ́. Àǹfààní àti ewu jẹ́ ohun tó wà ní ìta. Gbogbo èèyàn ló mọ gbólóhùn yìí lórí, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, wọ́n á gbàgbé. Ìdánwò kan wà tó máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀: bí ìgbìmọ̀ olùdarí bá pinnu láti yí nǹkan yìí padà, ṣé ìpinnu wọn àti ìdúnàádúrà wọn lè yí i padà? Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, inú ilé ló wà. Bí wọ́n bá ní láti dúró de ìjọba, ojú ọjọ́ tàbí ọjà, ìta ló wà.

Ẹ fi ìdánwò náà wo gbólóhùn tí mo gbà pé ó wà nínú ìwé yín, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ti gbogbo èèyàn: "ìkùdíẹ̀-káàtó: náírà ń já wálẹ̀." MTN kò lè dá náírà dúró. Ewu ni, ìta ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ewu yẹn nìkan kò ṣàlàyé àdánù. Náírà já mọ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún náà, kò sì ṣe wọ́n bákan náà. Ohun tó jẹ́ kí ó dun MTN tó bẹ́ẹ̀ ni pé àdéhùn háyà rẹ̀ so mọ́ dọ́là nígbà tí owó tó ń pa jẹ́ náírà. MTN ló fọwọ́ sí àdéhùn yẹn. Ìkùdíẹ̀-káàtó nìyẹn, ó wà nínú ilé, ó sì ṣeé dúnàádúrà lé lórí. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sínú kókó kan, àbá tí yóò jáde ni "kí ìjọba mú náírà lágbára", èyí tí kò wúlò fún ìgbìmọ̀ olùdarí kankan. Bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, àbá gidi á yọjú fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni kí á kọ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe sínú àpótí àǹfààní. "Kí wọ́n la ẹ̀ka MoMo púpọ̀ sí i" kì í ṣe àǹfààní, àbá ni. Àǹfààní tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní àkáǹtì báńkì nítòsí, Báńkì Àpapọ̀ sì ti fún MTN ní ìwé àṣẹ ilé-ìfowópamọ́ tó ń rí sí sísan owó, ìyẹn MoMo, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Bí ẹ bá ti kọ àbá sínú àpótí, ẹ ti dáhùn ìbéèrè kí ẹ tó bi í.

Ohun tó yẹ kó kù nínú àpótí

Mẹ́jọ mẹ́jọ pọ̀ jù. Mẹ́ta mẹ́ta tó, kí kókó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gbólóhùn pípé tó sọ ohun tó jẹ́, ẹ̀rí rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe sí owó. "Orúkọ ńlá" kò sọ nǹkan kan. "Nǹkan bíi ìdajì owó tó wọlé ní 2023 ló ṣẹ́ kù kí wọ́n tó yọ èlé, owó orí, ìdínkù iye ẹ̀rọ àti àdánù pàṣípààrọ̀" sọ ohun púpọ̀: ó sọ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yè, àti pé ilé-iṣẹ́ náà lágbára láti san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Agbára tó ṣe pàtàkì fún ìbéèrè wa kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn. Èkejì ni bí ó ṣe tóbi: kò sí oníbàárà tó tóbi tó MTN fún IHS ní Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wo títóbi bí ohun tó ń fa oníbàárà wá. Níbí, a ń wò ó bí agbára lórí tábìlì ìdúnàádúrà, nítorí onílé tí ayálégbé kan ṣoṣo ń san apá ńlá nínú owó tó ń wọlé fún un kò lè kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀.

Nínú ìkùdíẹ̀-káàtó, àdéhùn dọ́là ló ṣáájú, ohun tó kù sì jìnnà sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìṣàkóso tí kò tètè dúró ṣinṣin nígbà tí nǹkan tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, kò pẹ́ tí MoMo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àṣìṣe ẹ̀rọ fi mú kí nǹkan bíi bílíọ̀nù 22.3 náírà bọ́ sínú àkáǹtì àwọn oníbàárà báńkì 18 lọ́nà àìtọ́, MTN sì ní láti gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kẹwàá 2015, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, bu ìtanràn bílíọ̀nù 5.2 dọ́là lé e nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn kò já nígbà tó yẹ. 200,000 náírà ni wọ́n bù lé síìmù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdúnàádúrà gígùn, ó di bílíọ̀nù 330 náírà ní oṣù kẹfà 2016. Ìyẹn ti pẹ́, kò gbọdọ̀ gba àyè púpọ̀ nínú ìtúpalẹ̀ tó dúró sí 2024. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ó fi hàn pé MTN lè jókòó dúnàádúrà títí ìyà ńlá á fi fúyẹ́, ìyẹn sì wúlò fún wa.

Ewu mẹ́ta ló wà: náírà lè tún já, owó dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé òpó ró lè máa gun òkè, NCC ló sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí owó ìpè àti dátà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń ké pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọn kò ti jẹ́ kí àwọn fi kún un. Ẹ kíyè sí ewu kẹta yìí. Bí owó ìnáwó bá gun òkè tí iye tí a ń tà kò sì ṣeé yí padà láìgbàṣẹ, inú èrè ni gbogbo ẹrù náà máa dà sí.

Àǹfààní ni apá tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi 5G àti dátà kún. Wọ́n jẹ́ òótọ́: MTN ra ìwé àṣẹ 5G ní oṣù kejìlá 2021, ó sì ń rí i pé àwọn èèyàn ń lo dátà sí i. Ṣùgbọ́n 5G ń béèrè ẹ̀rọ tí a ń fi dọ́là rà, nítorí náà fún ìbéèrè tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ súnmọ́ ewu ju àǹfààní lọ. Àǹfààní tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó wà nínú ọjọ́ tí a kọ sínú àdéhùn: háyà òpó bíi 2,500 lọ́wọ́ IHS yóò parí ní òpin 2024 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ní oṣù kẹsàn-án 2023 sì ni MTN ti kéde pé ATC ni òun yóò gbé wọn fún. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ìdúnàádúrà ṣí ní àkókò yẹn, kì í sì í ṣí lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń wọn kókó, tí a sì ń so wọ́n pọ̀

Àpótí mẹ́rin kò ní òdiwọ̀n nínú, ohun kékeré àti ohun ńlá jọ wà lórí ìlà kan náà. Ẹ fún kókó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, láti 1 dé 5. Èkíní: eélòó ló kàn? Èkejì: báwo ló ṣe súnmọ́ tó? Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Àdéhùn dọ́là gba 5 nínú owó, ó gba 5 nínú ìsúnmọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Owó ìpè tí wọn kò lè yí padà gba 4 àti 4, ó jẹ́ 16. Ìṣàkóso MoMo gba 2 àti 3, ó jẹ́ 6. 5G gba 2 àti 2, ó jẹ́ 4. Èrò ọkàn ni nọ́ńbà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ohun tí a wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, nítorí náà ẹ kọ ìdí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ lè sọ pé 4 ló yẹ kí ó jẹ́ dípò 5, kò burú. Ohun tí kò ní ṣeé gbà ni nọ́ńbà tí kò nídìí. Bí gbogbo kókó yín bá gba nǹkan bíi 12 sí 15, ẹ mọ̀ pé ẹ kò tíì yan nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gidi: ẹ mú kókó inú ilé kan, ẹ gbé e ko kókó ìta kan, kí ẹ bi pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Ohun tí olùkọ́ yín ń wá wà níbẹ̀. Àbá tó dára kì í jáde látinú àpótí kan ṣoṣo.

Àdéhùn dọ́là àti náírà tó ń já ló kọ́kọ́ pàdé, àpẹẹrẹ ohun tí ìpàdé yẹn lè bí sì wà nínú òwò fóònù kan náà. Ní 2013, Etisalat Nàìjíríà yá bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́wọ́ báńkì 13, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là. Ní 2016, náírà já láti nǹkan tí kò tó 200 sí ohun tó lé ní 300 sí dọ́là kan, ọ̀rọ̀ ajé sì rọ̀. Wọn kò lè san gbèsè náà mọ́. Nígbà tó di oṣù keje 2017, Etisalat ti gbé orúkọ rẹ̀ kúrò, ilé-iṣẹ́ náà sì di 9mobile. Ìyàtọ̀ wà: iṣẹ́ MTN ń pa owó tó pọ̀ ju ti Etisalat lọ, ó sì lè san gbèsè rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí ewu gbà wọlé jẹ́ ọ̀kan náà, owó tó ń wọlé ní náírà, gbèsè ní dọ́là. Ẹni tó bá sọ ní 2024 pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023 bá gbogbo èèyàn lójijì kò ka ìtàn 2016.

Ìpàdé kejì ni títóbi MTN àti háyà tó ń parí. Ìyẹn ni agbára ìdúnàádúrà. Ìkẹta ni èrè iṣẹ́ tó ṣì dára àti owó ìpè tí NCC di mú: ilé-iṣẹ́ náà lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀, kò lè fara dà á títí. Mo fi àwọn ìpàdé yòókù sílẹ̀ nítorí wọn kò dáhùn ìbéèrè wa. Ẹ̀yin náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Àwọn àbá

Mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Ìgbìmọ̀ olùdarí kò lè bójú tó mẹ́wàá nínú ọdún kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò ṣe é, ìgbà tó máa parí, bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, àti ohun tó lè dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí kò bá sí, ìfẹ́ ọkàn ni ẹ kọ.

Àkọ́kọ́, kí ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná ṣí àdéhùn IHS àti ti ATC padà kí oṣù kẹsàn-án 2024 tó parí. Kí wọ́n dín apá tó so mọ́ dọ́là kù, kí wọ́n fi apá kan so mọ́ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí ní Nàìjíríà, kí owó dísẹ́ẹ̀lì sì ní apá tirẹ̀, nítorí dísẹ́ẹ̀lì ni ìnáwó gidi tó ń gun òkè lọ́wọ́ onílé òpó. Òdiwọ̀n rẹ̀ rọrùn: nínú 100 náírà tí a ń san fún háyà, eélòó ló so mọ́ dọ́là lónìí, eélòó ni yóò ṣẹ́ kù? Ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ ni pé IHS fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè dọ́là, kò lè gba náírà pátápátá. Ohun tí MTN ní láti gbé sórí tábìlì ni ọdún púpọ̀ sí i lórí àdéhùn àti apá kan nínú òpó 2,500 tó fẹ́ gbé lọ. Kí wọ́n má retí pé dọ́là yóò kúrò tán. Kí ó dín kù tó láti má lè gbé èrè ọdún kan mì ni àfojúsùn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí a yàn, ní oṣù kẹjọ 2024, ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀: wọ́n sún àdéhùn síwájú dé òpin 2032, apá dọ́là dín kù, wọ́n fi apá dísẹ́ẹ̀lì sí i, àwọn òpó bíi 1,430 nínú 2,500 sì dúró sọ́dọ̀ IHS.

Èkejì, kí MTN àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù yòókù jọ kọ̀wé sí NCC fún àfikún owó ìpè àti dátà, kí ìwé náà wọlé láàárín oṣù mẹ́ta. Kí ẹ̀rí inú rẹ̀ jẹ́ ìnáwó orí òpó kọ̀ọ̀kan, kí ó má jẹ́ àdánù pàṣípààrọ̀, nítorí àjọ náà lè dáhùn pé MTN ló fọwọ́ sí àdéhùn dọ́là fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi ìlérí tí a lè wọ̀n lórí dídára ìpè àti ìyára dátà kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn oníbàárà yóò bínú. Òdiwọ̀n rẹ̀ ni àṣẹ NCC fúnra rẹ̀ àti iye oníbàárà tó kù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo fi í sí ipò kejì nítorí kò sí lọ́wọ́ MTN láti pinnu rẹ̀, ìjọba sì lè fà á sẹ́yìn. Ó pẹ́ lóòótọ́: oṣù kìíní 2025 ni NCC tó fọwọ́ sí àfikún tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láàárín àkókò yẹn, náírà tún já kọjá 1,500 sí dọ́là, àdánù MTN ní 2024 sì di nǹkan bíi bílíọ̀nù 400 náírà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yìí fi hàn pé a kò lè gbára lé àbá kejì láìní àkọ́kọ́ àti ìkẹta.

Ìkẹta, kí ìgbìmọ̀ olùdarí dá ìpín èrè dúró títí ohun ìní ilé-iṣẹ́ yóò fi ju gbèsè rẹ̀ lọ padà, kí wọ́n sì fi owó tí iṣẹ́ ń pa san gbèsè dọ́là tó ti dé, pàápàá owó àwọn tó ń kó ẹ̀rọ wá. Kí ọ̀gá ìṣúná fi iye gbèsè dọ́là tó ṣẹ́ kù hàn wọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó pọndandan láti gbé dátà tí àwọn èèyàn ń lò báyìí, kí 5G ní àwọn ìlú tí kò tíì rí oníbàárà tó ní fóònù rẹ̀ sì dúró. Èyí yóò dun àwọn onípìn-ín, ó sì lè dín ìyára nẹ́tíwọọkì kù bí wọ́n bá gé e jù. Ààlà rẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ wo: bí ìpè tó ń já bá ju ohun tí NCC gbà láàyè lọ, kí wọ́n dá owó padà sórí ẹ̀rọ.

Ìkẹrin kéré ju ìyókù lọ, àmọ́ kí wọ́n má fojú fò ó. Kí MoMo má gba owó ìgbòòrò tuntun títí tí ọ̀gá àyẹ̀wò owó yóò fi fọwọ́ sí i pé gbogbo owó tó jáde bá èyí tó wọlé mu lójoojúmọ́, àti pé ẹ̀rọ yóò dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí ìyàtọ̀ bá ju iye kan lọ. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìṣirò bá ara mu láìsí àlàfo ni kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ MoMo di olùgbàlà nínú àbá wọn nítorí pé ó jẹ́ ohun tuntun. Iye tó ń pa kò tíì tó láti dí ihò bílíọ̀nù 740.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù", kò sì sí "kí wọ́n polówó sí i." Owó oṣù kọ́ ló dá àdánù sílẹ̀, oníbàárà kò sì ṣe aláìtó. Ẹ mú ìwé yín padà, ẹ fi ìka lé àbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í pé kókó inú ilé wo àti kókó ìta wo ló bí ọ. Èyí tí kò bá lè dárúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó tún ìwé náà fi ránṣẹ́.